Àwọn Ìkìlọ̀ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Pa Rẹ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bi ọ̀rẹ́ mi léèrè lórí ìwé ìwádìí ẹ̀ ní Ṣáínà, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo de tái, mo sì wọ ṣòkòtò péńpé tí mo fi ń kó ìgbẹ́ adìẹ. Mo gun orí irin tí wọ́n gbé tánkì omi lé, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹyẹ igún tó ń lọ sí ìgbéyàwó. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà ní oko adìẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Kò sẹ́ni tó máa rí mi, torí mo ti ti kámẹ́rà fóònù mi pa. Kí wá ni mo ń fi tái ṣe? Ìyá mi ló lọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọn ló sì mú tái wá. Wọ́n ní ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ dárúkọ èèyàn, èèyàn kì í wọ àkísà lọ síbẹ̀.

Ohun tí à ń retí nìyẹn, èmi àtìyá mi: kí wọ́n dárúkọ mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí, àdúgbò kan náà la gbé dàgbà. Ilé ìwé Onítẹ̀bọmi kan náà la lọ, níbi tí ìyá mi ti ń ṣe tíṣà, tí wọ́n sì máa ń fi èmi ọmọ wọn ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ọmọ ò gbọdọ̀ dà. Àwa méjèèjì la jọ lọ yunifásítì kan ní Guangxi, apá ibi tí Ṣáínà ti bá Vietnam pààlà. Òun lọ kàwé. Èmi lọ sùn. Níbẹ̀, tó o bá ti pa kíláàsì jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò ní jẹ́ kó o ṣèdánwò. Mo pa kíláàsì jẹ débi pé lọ́jọ́ tí mo yọjú, tíṣà kan rọra bi mí bóyá àlejò ni mí, ṣé kí wọ́n wá ẹni tó máa mú mi yí ọgbà ká. Nígbà tó di ọdún kejì, mo kó ẹrù mi wálé kí wọ́n tó lé mi. Ìyẹn ni mo fi ń yangàn títí dòní: wọn ò lé mi o, èmi ni mo fẹsẹ̀ mi rìn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ lọ́hùn-ún, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ Vietnam lẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Lọ́jọ́ kan, mo ń fi èdè wọn ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ó dà bí ìgbà tí ológbò bá jábọ́ sínú agbada. Kò bínú. Ó mú ìwé kíláàsì mi, tó ṣì ń dán bíi tuntun, ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan.

Ó ní, "Ka eléyìí fún mi."

Mo ní, "Yánjiū. Ìwádìí nìyẹn."

"Àwa ń pè é ní nghiên cứu. Èyí ńkọ́?"

"Nóngyè. Iṣẹ́ àgbẹ̀."

"Nông nghiệp. Èyí?"

"Hézuòshè. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù."

"Hợp tác xã."

Mo dìde jókòó. Ó ní láyé àtijọ́, lẹ́tà Ṣáínà, àwọn tó rí bí àwòrán yẹn, làwọn ọ̀mọ̀wé Vietnam fi ń kọ̀wé. Wọ́n wá ní bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́tà yẹn lẹ́nu tiwọn. Lónìí, A, B, D làwọn náà fi ń kọ èdè wọn, ṣùgbọ́n ìpè yẹn ò kúrò lẹ́nu wọn. Pàápàá ọ̀rọ̀ ńláńlá: ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ ìjọba. Tó o bá ti mọ lẹ́tà méjì tó wà nídìí ọ̀rọ̀ Vietnam, o ti rí ọ̀rọ̀ Ṣáínà mú.

Ó yé mi kíá, torí mo ti rí irú ẹ̀ nílé. Ẹ lọ sí ọjà màlúù ní Akínyẹlé, níbi tí Hausa àti Yorùbá ti ń ná ọjà. Tí Hausa bá ní òun ń wá omi, Yorùbá tí ò gbọ́ Hausa á la ẹnu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ti àdúrà, ti àlùbáríkà, ti wàásù, àwọn méjèèjì á máa mi orí, torí inú kèǹgbè kan náà, ti Lárúbáwá, ni wọ́n ti jọ bu ọ̀rọ̀ yẹn. Bọ́rọ̀ Vietnam àti Ṣáínà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, mo fi kíláàsì tòótọ́ sílẹ̀ fún kíláàsì orí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i pé Vietnam ṣì di ìró tó parí ọ̀rọ̀ mú, tí Ṣáínà ti Beijing sì ti gbé e mì, bí arúgbó tí eyín ti ká lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀kọ́, học ni Vietnam ń pè é, xué ni Ṣáínà. Òfin, pháp níbí, fǎ lọ́hùn-ún. Orílẹ̀-èdè, quốc níbí, guó lọ́hùn-ún. Mo tún rí i pé tí ọ̀rọ̀ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, Vietnam máa ń tò ó bíi tiwa. Àwa ń sọ pé "ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀," àwọn náà á ní "hợp tác xã nông nghiệp." Ṣáínà ló máa ń gbé àgbẹ̀ síwájú: nóngyè hézuòshè. Mo mọ gbogbo ẹ̀ yìí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè oúnjẹ. Torí omi, oúnjẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ilé, ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Shuǐ ni Ṣáínà ń pe omi, nước ni Vietnam ń pè é, wọn ò jọra rárá. Tí wọ́n bá jù mí sí Vietnam lónìí, òùngbẹ á pa mí, ṣùgbọ́n màá ka òfin tí wọ́n fi máa sin mí láìkọsẹ̀.

Bí mo ṣe di ọ̀mọ̀wé tí ò níwèé ẹ̀rí nìyẹn. Mo padà wálé, mo gba iṣẹ́ adìẹ, ìyá mi ò bá mi jà. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi jà.

Ọ̀rẹ́ mi dúró, ó parí, ó bẹ̀rẹ̀ oyè kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí.

"Prọ́f, gbà mí o."

Prọ́f ló máa ń pè mí látìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ọ̀rẹ́ yẹn ò nílò ọ̀tá.

Mo ní, "Ta ló ń pa ẹ́ lọ́sàn-án gangan?"

"Ìwé ìwádìí mi ni. Àwọn alájẹṣẹ́kù tó ń gbin kajú ní Vietnam ni mo ń kọ nípa ẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ wa nílé lè rí nǹkan kọ́. Gbogbo òfin wọn, gbogbo ìròyìn wọn, èdè Vietnam ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sì sọ pé mo gbọ́dọ̀ fi àtẹ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ìwé, kí ọ̀rọ̀ Vietnam wà níbẹ̀, kí lẹ́tà Ṣáínà tó wà nídìí ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ idán yẹn."

"Mo ń bọ́ adìẹ lọ́wọ́."

"Gbọ́ mi ná, jàre. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn náà ló wà nídìí gbígba ọmọ wọlé báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bi mí léèrè, níwájú gbogbo wọn, màá dárúkọ ẹ. Màá sọ pé ìwọ lo ṣe àtẹ yẹn. Tí wọ́n bá ti gbọ́ yẹn, wọ́n á kọ lẹ́tà, wàá padà wá parí tìẹ."

Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Lálẹ́ ni mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi bírò sílẹ̀.

"Ó ní òun á dárúkọ ẹ?"

"Bó ṣe wí nìyẹn, Mà."

"Ọmọ dáadáa lọmọ yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n wá wò mí lọ wò mí bọ̀, "ká má parọ́, ìwọ náà, orí ẹ pé díẹ̀."

Láti ẹnu ìyá mi, oríkì nìyẹn.

Oṣù mélòó kan ni mo fi ṣe àtẹ yẹn. Tí mo bá ti bọ́ adìẹ tán, màá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, màá máa tú ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbẹ́ òkété. Chính sách, zhèngcè, ètò ìjọba. Phát triển, fāzhǎn, ìdàgbàsókè. Điều kiện, tiáojiàn, ohun tí àdéhùn ní kó o kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ló bọ́ sí i bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú ìbọ̀wọ́. Ti kajú fúnra ẹ̀ ló kọ̀: hạt điều ni Vietnam ń pè é, yāoguǒ ni Ṣáínà, kò sóhun tó so wọ́n pọ̀. Mo kọ́ ìyẹn sórí.

Àwọn tó ń dá mi láàmú ni àwọn tó dà bíi pé wọ́n bọ́ sí i, tí wọn ò sì bọ́ sí i. Lẹ́tà kan náà ni, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méjèèjì ti gbé e gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń ṣubú. Nítorí náà, lẹ́yìn ìlà Vietnam àti ìlà lẹ́tà Ṣáínà, mo ṣí ìlà kẹta sínú àtẹ náà, mo pè é ní ìkìlọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí Ṣáínà ń lò lónìí sí. Tí mo bá jẹ́ èèyàn gidi, mo máa kọ ọ́ bí èèyàn gidi. Ṣùgbọ́n èmi ni. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, èébú ni mo fi dì í.

Níwájú tiến sĩ, tí Vietnam ń pe ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé, mo kọ ọ́ pé: "Alákọrí, má fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ bó ṣe rí. Ní Ṣáínà, ẹni tó yege ìdánwò ààfin ọba láyé àtijọ́ nìyẹn. Ọba ti kú, ààfin ti di ibi ìwòran. Bóshì ni kó o kọ." Níwájú giám đốc, ọ̀gá àgbà, mo kọ ọ́ pé: "Tó o bá da eléyìí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá á di ẹni tó ń ṣọ́ òṣìṣẹ́. Jīnglǐ ni, olórí kunkun." Níwájú văn phòng, ọ́fíìsì: "Eléyìí máa gbé ẹ wọ yàrá bàbá ọ̀mọ̀wé kan tó ń lọ tàdáwà, tó ń fi gègé kọ ewì. Bàngōngshì là ń wá, orí ẹ ò pé." Mo ń kọ ọ́, mo ń dá rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi, adìẹ ń wò mí.

Mo fi ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi fèsì pé, "O ò lè ní làákàyè láéláé. Mo rẹ́rìn-ín kú. O ṣé, ọ̀rẹ́ mi."

Ọjọ́ náà pé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwa, aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́hùn-ún. Ó fi línkì ránṣẹ́, ó ní òun lòun ń darí ìpàdé orí fóònù náà láti orí kọ̀ǹpútà òun, pé kí n wọlé, kí n dákẹ́, kí n máa gbọ́. Mo wọlé. Mo rí i tó dúró nínú kóòtù, àwọn tíṣà márùn-ún jókòó, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ wà láàárín wọn, irun funfun. Obìnrin kan wà ní ìpẹ̀kun tábìlì, ọmọ Vietnam, tó ń kọ́ wọn lédè Vietnam níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ń mi orí lórí tánkì. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ìwé, ọ̀jọ̀gbọ́n ní àtẹ ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ òun nínú gan-an, iṣẹ́ ńlá ni, báwo ló ṣe rí i ṣe nígbà tí kò gbọ́ èdè Vietnam?

Mo tún tái mi ṣe. Mo fi Ọlọ́run búra, mo tún un ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Mo kọ́ ọ̀nà tí ìpè méjèèjì gbà bára mu, học sí xué, pháp sí fǎ. Mo fi sùúrù tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Mo rò pé ó ṣì ń bọ̀. Mo ní ó ń gbé e gbòòrò ni, ó máa tó kan orúkọ mi. Mo dúró. Ó kúrò níbẹ̀.

Obìnrin ará Vietnam yẹn wá gbójú sókè. Ó ní àtẹ náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó pa òun lẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé Vietnam inú ìwé yìí fi jẹ́ ẹni tó yege ìdánwò ààfin ọba? Kí ló dé tí ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi di ẹni tó ń ṣọ́ òṣìṣẹ́? Kí ló dé tí gbogbo ọ́fíìsì wọn fi di yàrá ewì? Àwọn tíṣà tó kù rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí ìwé náà, tó fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú línkì, lórí fóònù mi. Ìlà kẹta ò sí níbẹ̀. Ó ti gé e kúrò pátápátá, àtèébú àti ìkìlọ̀. Ó rò pé àwàdà lásán ni gbogbo ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ṣí ẹ̀yìn ìwé ẹ̀ wò. Ó wá dárúkọ mi.

Orúkọ mi àti ti bàbá mi, ó pè é pé. Ó ní, "Ẹnì kan tó bá mi ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀ nílé ló kọ àwọn yẹn. Kò parí ilé ìwé, ọ̀dọ̀ yín níbí ló ti kúrò. Ó yẹ kí n ti yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò. Ẹ má bínú."

Mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó mú bírò, tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Adìẹ ń ké nísàlẹ̀. Àlejò ò láṣẹ láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí ṣí sílẹ̀. Mo da ìlà kẹta mi síbẹ̀ bó ṣe wà, tiến sĩ, giám đốc, văn phòng, pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ wọn. Obìnrin ará Vietnam yẹn rí i. Ó fara sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ó bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Èdè tìẹ ni wọ́n fi kọ eléyìí, àbí? Kí ló sọ?"

Ìgbà yẹn lojú mi là. Ẹ̀rí tí mo ní láyé yìí, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Ṣáínà inú ẹ̀ ti rì sáàárín èébú, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè túmọ̀ ẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ síwájú, ó kà á. Mo rí ojú ẹ̀. Ó kà á dé ìdí, ó rí bóshì níbẹ̀, ó rí jīnglǐ níbẹ̀. Ó ní, "Èébú ni, Mà. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní orí mi ò pé."

Kò parọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé orí ẹ̀ ò pé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ṣáínà kọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ìkìlọ̀ ni, àwọn ọ̀rọ̀ tó tọ́ wà nínú..." Mi ò tíì dé ìdajì nígbà tí ojú fóònù mi funfun. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ń darí ìpàdé ti yọ mí kúrò.

Ó pè mí nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti ní ó yege fún oyè náà, kó kàn lọ tún ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe.

"Prọ́f, má bínú. Ẹ̀rù bà mí."

"O gé ìkìlọ̀ mi, o tún wá di ẹ̀bi ẹ̀ rù mí."

"Ṣé kí n fi 'alákọrí' sẹ́yìn ìwé ìwádìí ni? Ìwọ náà, rò ó."

"O lè sọ òtítọ́ fún obìnrin yẹn."

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni wọ́n á dá dúró. Ìwọ ò ní nǹkan kan tó o máa pàdánù níbẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Lẹ́tà ńkọ́?"

Mo gbọ́ tẹ́nì kan ń pè é lẹ́yìn, wọ́n ń ṣàjọyọ̀. Ó ní, "Ṣáà jẹ́ kí n tún àtẹ yẹn ṣe ná. Ìlà kẹta yẹn, mo ti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣé o lè tún un fi ránṣẹ́?"

Ẹ máa rò pé mo bú u. Èmi tí mo bú u ní ìgbà ọ̀ọ́dúnrún nínú àtẹ, èébú tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo pa fóònù. Mi ò fi ránṣẹ́.

Mo lọ sílé ìyá mi ní Ìyànà Ọ̀fà. Wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ṣì wà lọ́rùn mi, ìgbẹ́ adìẹ ti ta sí i lápá.

"Ṣé wọ́n dárúkọ ẹ?"

Mo wò wọ́n. "Wọ́n dárúkọ mi, Mà."

"Níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn?"

"Níwájú gbogbo wọn. Àtorúkọ bàbá mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n di tái náà mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lọ́rùn mi bí ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí ìgbà tí lẹ́tà máa dé. Ìgbà yẹn ni mo jókòó sórí pèpéle, mo ṣí fóònù, mo ka ìlà kẹta fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí mo dé ibi yàrá ewì, ẹ̀rín ta wọ́n lẹ́nu. Wọ́n gbé e mì. Lẹ́yìn náà wọ́n ń ká tái yẹn mọ́ ọwọ́, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a.

Wọ́n wá ní, "Lọ mú bírò wá. Fi Ṣáínà kọ gbogbo ìkìlọ̀ yẹn. Kọ ọ́ bí èèyàn gidi."

"Ta ni màá fi ránṣẹ́ sí, Mà?"

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣáà kọ ọ́."